Lẹ́tà alága lórí owó òrùlé: ẹ bá mi wò ó kí n tó há a

Alága_Fúláàtì12

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé ilé wa. Ilé alájà mẹ́ta ni, fúláàtì mẹ́rin lórí àjà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Ó ti lé lọ́dún méjì tí òrùlé wa ti ń jò. A ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún ń jò. Ìgbìmọ̀ wá jókòó, a ní ká kúkú tú gbogbo páànù náà, ká kan tuntun. Mo kọ lẹ́tà, akọ̀wé wa kà á, ó ní tí mo bá há a báyìí, ìjà ni mo há fún wọn. Òun nìyí:

*"Sí gbogbo olùgbé. A fi àsìkò yìí sọ fún yín pé òrùlé ilé wa ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìgbìmọ̀ ti pinnu láti pààrọ̀ rẹ̀. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan yóò san ìdá kan nínú méjìlá owó iṣẹ́ náà fún akápò kí oṣù yìí tó parí. Ẹni tí kò bá san, a ó gé omi rẹ̀. Ẹ ṣeun."*

Kí ló kù níbẹ̀? Kí ló pọ̀ jù?

Ìsàlẹ̀_Ni_Mo_Wà

Alága, ẹ má bínú o. Ìsàlẹ̀ pátápátá lèmi ń gbé níbi tèmi. Tí irú lẹ́tà yìí bá gba abẹ́ ilẹ̀kùn mi wọlé, mo máa fi dáná ni. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, ẹ̀kán omi kan ò kán sí mi lórí rí. Ẹni tí òjò ń pa ni kó ra agboorùn. Kí àwọn ará òkè tún òrùlé wọn ṣe.

Akápò_Tẹ́lẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Mo ṣe akápò ẹgbẹ́ ilé wa fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ tó èyí. Ọdún tí sọkawéè wa kún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí ti ń padà jáde. Àwọn ará òkè ò rí nǹkan kan, òórùn lásán ni wọ́n gbọ́. Gbogbo wa la sì jọ dá owó tí wọ́n fi gbẹ́ òmíràn. Omi òrùlé náà kì í dúró lókè. Tó bá ti wọ ògiri, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni máa dájọ́, ìwé ni. Ẹni tó ra fúláàtì ní ìwé tó fi rà á, ẹgbẹ́ náà sì ní òfin tó kọ sílẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀kan nínú méjèèjì sọ àwọn ohun tó jẹ́ ti gbogbo ilé àti bí ẹ ṣe ń pín ìnáwó wọn. Alága, ẹ wá ìlà náà jáde, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú lẹ́tà. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ má kọ pé ìgbìmọ̀ "ti pinnu". Ẹ kọ pé ìgbìmọ̀ ń dá a lábàá, kí ìpàdé gbogbo ilé dìbò sí i.

Ti gígé omi yẹn, ẹ yọ ọ́ lónìí. Tí òfin ẹgbẹ́ ò bá fún yín láṣẹ rẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè á gbé yín lọ sí kóòtù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbowó lẹ óò wá máa jẹ́jọ́.

Káfíńtà_Àgbà

Owó, owó, owó. Ta ló gun òrùlé yẹn? "Ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe", ẹnu ta lọ̀rọ̀ náà ti jáde? Tó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ ló sọ ọ́, kò tíì tó. Irú páànù wo ni? Ọdún mélòó ló ti lò? Ibo gan-an ló ń jò? Kí ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́?

Alága_Fúláàtì12

Páànù irin ni, ìṣó ni wọ́n fi kàn án mọ́ igi. Ẹni tó pẹ́ jù nínú ilé ní ọdún 26 rèé. Fúláàtì 9, 10 àti 12 ló ń jò, nínú mẹ́rin tó wà lókè. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n: ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ ló ní ó ti kọjá àtúnṣe.

Lẹ̀_Ẹ́_Ná

Kí lẹ fẹ́ tú gbogbo òrùlé fún? Ọ̀dà dúdú tó dára wà, aṣọ kan wà tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín rẹ̀ kí wọ́n tó tún fi ọ̀dà lé e. Tèmi ti lé lọ́dún mẹ́rin, kò jò. Àwọn káfíńtà ni kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Káfíńtà_Àgbà

Àbúrò, o ò parọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ lo kàn sọ. Tó bá jẹ́ ihò kan, tàbí ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri, tí wọ́n sì fọ ojú rẹ̀ mọ́ dáadáa kí wọ́n tó tẹ́ aṣọ yẹn, ó lè pẹ́ bí tìrẹ ṣe pẹ́.

Ṣùgbọ́n páànù kì í dúró sójú kan. Oòrùn mú un lọ́sàn-án, ó gùn sí i. Òtútù mú un lóru, ó súnkì. Ojoojúmọ́ ni. Ìṣó ní tirẹ̀ ò lọ síbì kankan, inú igi ló wà. Páànù á máa ha ara rẹ̀ mọ́ ìṣó, díẹ̀díẹ̀, títí ihò róbótó á fi di ihò gbọọrọ. Rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ìṣó náà, oòrùn á gbẹ ẹ́ títí á fi là. Nígbà yẹn, ibi mélòó ni ìṣó wà lórí ilé, ibẹ̀ ni omi lè gbà wọlé. Ẹ lẹ ibi mẹ́ta lónìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mẹ́ta mìíràn á ṣí. Ìdí tẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn, tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Ẹ lọ wò ó. Ẹ wọ inú sílíǹgì ní ọ̀sán gangan, kí ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jókòó bí ìṣẹ́jú márùn-ún títí òkùnkùn á fi mọ́ yín lójú. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ tín-tìn-tín, ihò ni. Ẹ kà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ mú nǹkan tó mú ṣóńṣó, kí ẹ fi gún àwọn igi tí wọ́n kan páànù mọ́, àgàgà àwọn tó wà létí òrùlé lápá gọ́tà. Igi tó le kò ní gbà á. Èyí tó ti jẹrà, á wọ ọ́ bí ẹni ń gún ọṣẹ.

Ti òkè páànù gan-an, ẹ̀yin kọ́. Ẹni tí kò mọ ibi tí igi wà lábẹ́ páànù ogbó, inú pálọ̀ ẹlòmíràn ni yóò bá ara rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó mọṣẹ́, tí kò ní du iṣẹ́ náà rárá, kí ẹ san owó àbẹ̀wò fún un. Kó yẹ ìṣó wò ní apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó kọ iye tó yẹ̀ wò àti iye tó ti ṣí.

Ẹ má sì jẹ́ kí àbàwọ́n ara sílíǹgì tàn yín. Omi máa ń gba orí igi rìn kó tó kán. Ibi tó ti wọlé lè jìn síbi tó ti kán ní mítà méjì mẹ́ta.

Òjò_Inú_Ilé

Ẹ jọ̀wọ́, tèmi náà ń kán o! Sílíǹgì balùwẹ̀ mi ni, àjà kejì ni mo ń gbé. Ó tiẹ̀ ń kán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé kí n sọ fún alága wa kó kọ irú lẹ́tà yìí ni?

Akápò_Tẹ́lẹ̀

Ìyá wa, tó bá ń kán nígbà tí òjò ò rọ̀, tí ẹlòmíràn sì ń gbé lórí yín, kí ló kan òrùlé níbẹ̀? Ẹ kan ilẹ̀kùn ẹni tó wà lókè, kó ti omi rẹ̀ pa fún ọjọ́ kan. Tó bá dáwọ́ dúró, páìpù rẹ̀ ni.

Òjò_Inú_Ilé

Ẹni náà ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá.

Akápò_Tẹ́lẹ̀

Ẹ ṣí ìjíròrò mìíràn fún ìyẹn.

Alága_Fúláàtì12

Mo ti dé o, ọjọ́ mẹ́fà ló gbà wá. A rí káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì, a san owó àbẹ̀wò fún un. Èmi fúnra mi ni mo wọ inú sílíǹgì. Nígbà tí mo pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ará, àfi bí ẹni tó gbójú sókè wo ìràwọ̀. Mo kà á dé 70, mo dákẹ́.

Bàbá náà yẹ ìṣó 60 wò. Lápá iwájú ilé, ó yẹ 20 wò, 5 ló ti ṣí. Lápá ẹ̀yìn, ó yẹ 40 wò, 31 ló ti ṣí. Apá ẹ̀yìn yẹn ló dojú kọ oòrùn ìrọ̀lẹ́, igi ńlá kan tún ń wọ́wé sórí rẹ̀. Ewé ti dí gọ́tà ẹ̀yìn, omi dúró sínú rẹ̀ títí ó fi jẹ ẹ́ lábẹ́. Ìlà igi méjì tó sún mọ́ gọ́tà náà ti rọ̀. Mo mú ìṣó kan bọ̀ nílé. Rọ́bà orí rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ sí mi lọ́wọ́, ihò tó ti jáde sì gba orí ìka mi tó kéré jù.

Káfíńtà_Àgbà

Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Lẹ́tà yín ti yí padà. Níwájú, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣí. Lẹ́yìn, ó lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin. Òrùlé méjì lẹ ní, ọ̀kan ti kú, èkejì ń ṣàìsàn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè tú gbogbo rẹ̀, ẹ óò simi. Tàbí kí ẹ pààrọ̀ apá ẹ̀yìn pẹ̀lú ìlà igi méjì yẹn àti gọ́tà, kí ẹ wá yọ ìṣó apá iwájú, kí ẹ fi ìṣó oníyíyí tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀, èyí tí rọ́bà rẹ̀ fẹ̀ tó láti bo ihò gbọọrọ náà. Ìyẹn ò sọ iwájú di tuntun o. Ó kàn fún yín ní ọdún díẹ̀ láti fi kó owó jọ ni.

Ọ̀nà kejì ní àléébù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n má sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ẹ tàn wọ́n. Páànù tó bo góńgó òrùlé, níbi tí iwájú àti ẹ̀yìn ti pàdé, ẹ óò tú u báyìí, ẹ óò tún tú u nígbà tó bá kan iwájú. Igi tí wọ́n ń tò yí ilé ká láti fi gun òkè, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ óò sanwó rẹ̀. Kí páànù tuntun sì ní ìgbì kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní bára mu lókè, ibẹ̀ ni yóò tún máa jò.

Ilé_Àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, ẹ gbà mí láàyè díẹ̀. Tiwa kì í ṣe irin. Ó nípọn, ó ní àwọ̀ eérú, tó bá ṣubú ó ń fọ́ bí àwo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní àwọn máa fi òòlù fọ́ ọ bọ́ sílẹ̀ kó lè yá.

Káfíńtà_Àgbà

Ẹ dá wọn dúró! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Eruku rẹ̀ tí èèyàn bá fà símú máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gé e, ẹ má lu ú. Kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ òun ni, iṣẹ́ àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u ni, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn lọ́tọ̀ nínú lẹ́tà alága yín.

Alága Fúláàtì12, ẹ̀yin ńkọ́, iye òrùlé wo làwọn agbaṣẹ́ṣe kọ fún yín?

Alága_Fúláàtì12

Ẹni mẹ́ta ló kọ ìwé owó. Ọ̀kan kọ òrùlé 340 mítà níbùú lóòró. Àwọn méjì yòókù ò kọ iye kankan, "òrùlé tuntun" nìkan ni wọ́n kọ. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni ìgbìmọ̀ fẹ́ mú.

Káfíńtà_Àgbà

Ẹ fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n fúnra yín. Báwo ni ilé yín ṣe gùn tó?

Alága_Fúláàtì12

Mítà 24 ní gígùn, 10 ní ìbú. Òrùlé yọ ìdajì mítà síta yí ká. Bàbá yẹn wọn ìdagẹ̀rẹ̀ kan láti góńgó dé etí, ó jẹ́ mítà 5.7.

Káfíńtà_Àgbà

Gígùn òrùlé jẹ́ 25 nìyẹn. 25 lọ́nà 5.7 jẹ́ 142 àti ààbọ̀, apá kan ṣoṣo. Apá méjèèjì jẹ́ 285. Páànù tí wọ́n máa gé sọnù wà, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, ó di bíi 314. Ẹni tó kọ 340 ti fi 26 lé e. Ó lè ní ìdí, bóyá gígùn páànù tí wọ́n ń tà kò bá tiyín mu. Ẹ ní kó ṣàlàyé.

Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni mo fura sí jù. Ẹ bi í bóyá gọ́tà wà nínú owó rẹ̀, bóyá igi tó jẹrà wà níbẹ̀, bóyá kíkó páànù àtijọ́ kúrò wà níbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò sí. Tó bá tú òrùlé tán, á ní "Alága, igi yìí ò dáa o", ilé yín á sì wà láìlórùlé lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ohun tí ẹ lè sọ mọ́. Ẹ kọ iṣẹ́ náà sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n fi owó sí ohun kan náà.

Ayálégbé_Ni_Mí

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ń ka ìjíròrò yìí bọ̀ láti òkè. Wọ́n ti irú lẹ́tà yìí sábẹ́ ilẹ̀kùn tèmi lóṣù tó kọjá, mo sì ti san ìdajì. Ayálégbé ni mí, ìyá tó ni fúláàtì ò sí nítòsí. Ṣé èmi ló yẹ kí n san án?

Akápò_Tẹ́lẹ̀

Àǹtí, ẹ wo ìwé tí ẹ fi gba ilé. Láìsí ohun tó yàtọ̀ nínú rẹ̀, pípààrọ̀ òrùlé jẹ́ ọ̀rọ̀ onílé, nítorí dúkìá rẹ̀ ló ń tún ṣe. Owó gbígbá àyíká àti iná ọ̀nà ni ayálégbé sábà máa ń san. Ẹ pe ìyá yẹn, kí ẹ fi risíìtì hàn án, bóyá ẹ jọ lè yọ ọ́ nínú owó ilé. Kí ẹ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí ìwé o.

Alága, ẹ̀yin náà, ẹ kọ "sí gbogbo onífúláàtì", ẹ má kọ "sí gbogbo olùgbé". Ayálégbé gbọ́dọ̀ rí ẹ̀dà rẹ̀ nítorí ariwo àti ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe nítorí owó.

Lẹ̀_Ẹ́_Ná

Ìdá kan nínú méjìlá yẹn náà ò dáa. Ṣé fúláàtì kékeré àti ńlá á san iye kan náà ni?

Alága_Fúláàtì12

Ìwé wa kàn sọ pé ká pín in "bó ti yẹ". Fúláàtì kékeré 8, mítà 40 níbùú lóòró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ńlá 4, mítà 60 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Akápò_Tẹ́lẹ̀

"Bó ti yẹ"! Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ sùn báyìí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́nà méjèèjì. Ẹ pe gbogbo owó ní ìpín 1,000. Tí ẹ bá pín in dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé 83 àti díẹ̀. Tí ẹ bá fi fífẹ̀ fúláàtì pín in, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 560. Kékeré á gbé bíi 71, ńlá á gbé bíi 107. Ẹ fi àwọn onírúurú iye yìí han ìpàdé, kí wọ́n dìbò. Lójú tèmi, fífẹ̀ ló tọ́, ẹni tó ní púpọ̀ nínú ilé ló ní púpọ̀ lábẹ́ òrùlé.

Ìsàlẹ̀_Ni_Mo_Wà

Fúláàtì ńlá ni tèmi, ìsàlẹ̀ ni mo sì wà. Tó bá jẹ́ ilé yín ni mo ń gbé, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa fi ìyà jẹ mí! Kò sí ọ̀nà kẹta ni? Kí àjà òkè san díẹ̀ sí i, kí ìsàlẹ̀ dín kù.

Akápò_Tẹ́lẹ̀

Tí ìpàdé bá dìbò fún un, tí ìwé yín ò sì kọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe. Mo ti rí i níbì kan. Àmọ́ nígbà tí sọkawéè kún, àwọn ará òkè rántí ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti owó. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún òrùlé nìkan, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé owó iṣẹ́ fún ohun tí wọ́n máa bá lábẹ́ páànù, kí ẹ sì kọ síbẹ̀ pé tí ó bá ṣẹ́ kù, ó ń padà sọ́wọ́ àwọn tó san án. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé ẹni méjì nínú 12 lè má san. Bí ẹ tiẹ̀ ti fi ìdá mẹ́wàá yẹn kún un, owó ẹni 10 ò ní tó iṣẹ́, ó máa kù bíi ìpín 83 nínú 1,000. Nítorí náà, kí lẹ́tà sọ ọ́ gbangba: a ò ní tú páànù kan ṣoṣo títí owó iṣẹ́ á fi pé nínú àkáǹtì.

Lẹ̀_Ẹ́_Ná

Páànù ń gbówó lórí. Ẹ san gbogbo owó fún agbaṣẹ́ṣe lẹ́ẹ̀kan, kó lọ rà á kó tó wọ́n sí i.

Káfíńtà_Àgbà

Òótọ́ ni pé ó ń gbówó lórí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ san owó páànù fún ẹni tó ń tà á, kó gbé e wá sílé, kí ẹ kà á. Ti iṣẹ́, èmi gbà kí wọ́n san án fún mi báyìí: ìdá 40 nínú 100 nígbà tí ẹrù àti igi bá ti délẹ̀, 30 nígbà tí apá àkọ́kọ́ bá ti bò, 20 nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí ilẹ̀ ti mọ́. 10 tó kù, ẹ dá a dúró títí òjò ńlá á fi rọ̀ lé e tó lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹni tó bá bínú sí 10 yẹn, ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Apá tí wọ́n bá tú láàárọ̀, kí ó bò kí ilẹ̀ tó ṣú. Tapólì gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó fa ìṣó àkọ́kọ́ yọ.

Alága_Fúláàtì12

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tún un kọ. Ẹ tún bá mi wò ó:

*"Sí gbogbo onífúláàtì. Ẹ̀dà rẹ̀ wà fún àwọn ayálégbé, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ iṣẹ́.*

*Ẹ kú ilé o. Láti ọdún méjì ni omi ti ń wọ fúláàtì 9, 10 àti 12. A ti lẹ òrùlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbọ́. A wá san owó fún káfíńtà kan tí kò ní du iṣẹ́ yìí, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìṣó 40 tó yẹ̀ wò lápá ẹ̀yìn, 31 ti ṣí. Níwájú, 5 nínú 20. Gọ́tà ẹ̀yìn ti jẹ, ìlà igi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Fọ́tò wọn wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ìṣó kan wà lọ́wọ́ alága, ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i lè wá.*

*Ìgbìmọ̀ kò tíì pinnu ohunkóhun. Àbá méjì la gbé wá. Àkọ́kọ́ ni kí a pààrọ̀ gbogbo òrùlé. Èkejì ni kí a pààrọ̀ apá ẹ̀yìn, igi àti gọ́tà rẹ̀, kí a sì tún ìṣó iwájú kàn. Owó èkejì jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá owó àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n iwájú yóò ṣì padà wá, a ó sì tún sanwó gígun òkè nígbà náà.*

*Agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ló fi owó sí iṣẹ́ kan náà. Ìwé wọn wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ìwé ẹgbẹ́ wa sọ pé kí a pín ìnáwó gbogbo ilé bó ti yẹ, kò sọ ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà tábìlì tó wà lẹ́yìn fi hàn yín ohun tí fúláàtì kọ̀ọ̀kan yóò san tí a bá pín in dọ́gba, àti tí a bá fi fífẹ̀ fúláàtì pín in. Ìpàdé ni yóò mú ọ̀kan.*

*Owó yóò wọ àkáǹtì òrùlé nìkan, ẹni méjì ni yóò máa fọwọ́ sí i, risíìtì yóò sì tẹ ẹni tó bá san lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò lè san án lẹ́ẹ̀kan lè san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó bá akápò sọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó wáyé. Ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde lọ́dọ̀ akápò. A kò ní tú páànù kankan títí owó iṣẹ́ yóò fi pé. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tí a fi lé e jẹ́ fún ohun tí a bá bá lábẹ́ páànù, tí ó bá ṣẹ́ kù, yóò padà sọ́wọ́ yín."*

Akápò_Tẹ́lẹ̀

Èyí ṣeé há. "Ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde lọ́dọ̀ akápò", ìlà yẹn á mú owó wálé ju gígé omi lọ. Ẹni tí kò bá san ńkọ́? Ẹ ò sọ.

Alága_Fúláàtì12

Mo wá a nínú òfin wa, èlé orí gbèsè nìkan ló wà níbẹ̀. Ojú ń ti akọ̀wé láti kọ ọ́. A máa gbé e wá sí ìpàdé.

Káfíńtà_Àgbà

Ẹ fi kún un pé kí wọ́n bo táńkì omi dáadáa lọ́jọ́ iṣẹ́, kí àwọn ará òkè kó ẹrù wọn kúrò lábẹ́ ibi tí wọ́n bá fẹ́ tú. Eruku ọdún 26 ló máa já bọ́. Kí ọmọdé kankan má sì ṣeré nísàlẹ̀ apá náà, nítorí ìṣó.

Ìsàlẹ̀_Ni_Mo_Wà

Tó bá jẹ́ ilé yín ni mo ń gbé, mi ò tíì ní gbà pé kí n san 107 o. Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà yìí, mo lè gbé e dání lọ sí ìpàdé. Ìbéèrè kan: páànù àtijọ́ tí wọ́n bá tú, ta ló ni ín? Àwọn tó ń ra irin wà.

Alága_Fúláàtì12

Háà! Ẹ̀gbọ́n, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá, ìwé agbaṣẹ́ṣe kan ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pé tòun ni. Mo ti fi ìlà kan kún un: gbogbo ilé ló ni ín, owó rẹ̀ á wọ àkáǹtì òrùlé.